Kí A Tó Sọ Pé Màmá Ń Ṣarán, Ẹ Jẹ́ Ká Tú Ọ̀rá Oògùn Wọn Wò

Nọ́ọ̀sì yín ni. Ọ̀rọ̀ oògùn tí a fi ń sùn ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe èyí tí dókítà kọ fún wa nìkan ni mò ń sọ. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń rà fúnra wa ní kẹ́míìsì láìsí ìwé, tí a sì ń tọ́jú sábẹ́ ìrọ̀rí, ni mo ń bá wí jù. Orúkọ rẹ̀ ni Pírítọ̀n. Fẹ́nágàn náà sì jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ojú abẹ níkòó. Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí ẹni tó ti lé ní ọdún 65 máa fi Pírítọ̀n tàbí Fẹ́nágàn sùn lálaalẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú, torí oògùn náà kò wọ́n, ó sì ti di ojúlùmọ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin kí ẹ tó dá mi lóhùn.

*Báwo ni Pírítọ̀n ṣe di oògùn oorun?*

Kì í ṣe oògùn oorun ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n ṣe é. Oògùn ara yíyún ni, àti imú tó ń ṣomi. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà á rántí ayé kulorokúìnì. Ẹni bá ní ibà á gbé kulorokúìnì mì, ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí yún un bí ẹni tí wọ́n da èèsìn sí lára. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń di Pírítọ̀n mọ́ ọn. Ara yíyún á rọlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni náà á tún sùn fọnfọn. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mọ̀ pé ó ń múni sùn.

Ní ọdún 2005, ìjọba Nàìjíríà yí oògùn ibà padà, wọ́n ní kí a má fi kulorokúìnì tọ́jú ibà mọ́. Kulorokúìnì lọ, Pírítọ̀n jókòó. Àwọn tí ara kò yún mọ́ ṣì ń rà á, torí oorun tí wọ́n rí nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn ti ń lò ó láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí, ẹlòmíràn láti ìgbà tí orúnkún ti ń dùn ún lóru. Ohun tó yẹ kó jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ti di ọdún mẹ́wàá.

*Iṣẹ́ tí oògùn yìí ń ṣe nínú ọpọlọ*

Nínú ọpọlọ wa, iṣan kan kì í fọwọ́ kan iṣan kejì kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ń rán ìránṣẹ́ síra wọn ni. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ìránṣẹ́ wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní asẹtilikolíìnì. Òun ló ń ṣiṣẹ́ gan-an nígbà tí a bá fẹ́ kọ́ ohun tuntun, tí a bá fẹ́ rántí ibi tí a fi kọ́kọ́rọ́ sí, tàbí tí a bá fẹ́ fọkàn bá ọ̀rọ̀ ẹnìkan lọ láìsọnù lójú ọ̀nà. Ìránṣẹ́ yìí á jáde láti ara iṣan kan, á kan ilẹ̀kùn iṣan kejì, wọ́n á ṣí fún un, á jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Pírítọ̀n àti Fẹ́nágàn máa ń wọ inú ọpọlọ. Nígbà tí wọ́n bá débẹ̀, wọ́n á lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí ìránṣẹ́ yìí fẹ́ kàn. Ìránṣẹ́ á dé, kò ní rí àyè. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an kò ní jẹ́. Oògùn mìíràn tún wà tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, tó sì lè má jẹ́ oògùn ara yíyún rárá. Amitiripitilíìnì wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá rẹ̀wẹ̀sì tàbí ẹni tí ẹsẹ̀ ń ta bí abẹ́rẹ́. Àwọn oògùn kan tí wọ́n fi ń dá ìtọ̀ dúró wà níbẹ̀. Lágátílì tí wọ́n ń fún ẹni tí orí rẹ̀ kò pé wà níbẹ̀, àti Átéènì tí wọ́n máa ń fún un pọ̀ mọ́ ọn kí ara má baà le gan-in tàbí gbọ̀n.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ìgbàgbé nìyí. Láti nǹkan bí ọdún 1976 ni àwọn onímọ̀ ti rí i pé nínú ọpọlọ àwọn tó ní àrùn ìgbàgbé ti Asáímà, asẹtilikolíìnì ti dín kù gidigidi. Oògùn donẹpẹsíìlì tí dókítà ń kọ fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó jẹ́ kí ìránṣẹ́ tó ṣẹ́kù pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ wá wo ẹni tó ń lo donẹpẹsíìlì láàárọ̀, tó sì ń gbé Pírítọ̀n mì lálẹ́. Ọ̀kan ń ti ìránṣẹ́ wọlé, ìkejì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

*Bí ẹ ṣe lè mọ̀ pé ó ti ń ṣiṣẹ́ lára yín*

Ọpọlọ nìkan kọ́ ló ń lo ìránṣẹ́ yìí. Ẹnu ń lò ó láti ṣe itọ́, ìfun ń lò ó láti ti ìgbẹ́ síwájú, àpò ìtọ̀ ń lò ó láti tú ìtọ̀ dànù, ojú sì ń lò ó láti rí ohun tó sún mọ́ ọn. Nítorí náà, ara á kọ́kọ́ sọ fún wa. Ẹnu á gbẹ láàárọ̀ bí ẹni tó jẹ gààrí láìsí omi. Ìgbẹ́ á le, á sì di ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin kó tó jáde. Lẹ́tà inú Bíbélì tàbí Kùránì á máa pọ́n lójú. Bàbá tí ìtọ̀ rẹ̀ ti ń fà tẹ́lẹ̀ lè jí lọ́jọ́ kan kí ìtọ̀ má jáde rárá. Lágbàlá, ẹsẹ̀ á máa gbé ara wọn lọ́nà, torí oògùn àná ṣì wà lára.

Bí ẹ bá ń rí méjì tàbí mẹ́ta nínú nǹkan wọ̀nyí pọ̀, tí ẹ sì ń lo oògùn tó ń múni sùn, ẹ má ṣe kà á sí ọjọ́ ogbó. Ohun tó ń gbẹ ẹnu yín lè máa dí ilẹ̀kùn ọpọlọ yín náà.

Ó máa ń burú fún àgbàlagbà ju ọ̀dọ́ lọ. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín àgbà kì í tètè gbá oògùn dànù mọ́, nítorí náà hóró tí ẹ lò lálẹ́ àná lè ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ lo tòní. Ìránṣẹ́ tó wà nínú ọpọlọ náà sì ti ń dín kù bí ọjọ́ orí ti ń gòkè. Ọmọ ogún ọdún ní ìránṣẹ́ tó pọ̀ tó láti fi ṣòfò, ìyá àgbà kò ní. Ìdí nìyí tí ìwé ìtọ́sọ́nà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú arúgbó ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀ jáde fi sọ pé kí wọ́n yẹra fún irú oògùn ara yíyún àtijọ́ wọ̀nyí fún ẹni tó bá ti pé ọdún 65.

*Ẹrù tí a ń dì léra*

Ní ọdún 2008, àwọn oníṣègùn kan ní ìpínlẹ̀ Indiánà ní Amẹ́ríkà ṣe òṣùwọ̀n kan. Wọ́n fún oògùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 3, gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀ láti dí ìránṣẹ́ yìí lọ́nà. Máàkì 1 túmọ̀ sí pé ó ṣeé ṣe kó fọwọ́ kan ìránṣẹ́ náà díẹ̀. Máàkì 3 túmọ̀ sí pé ó ń dí i lọ́nà dájúdájú. A ó ka gbogbo oògùn tí ẹnìkan ń lò, a ó ro máàkì wọn pọ̀. Bí àròpọ̀ bá ti di 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí dókítà tún ọ̀rọ̀ oògùn ẹni náà gbé yẹ̀ wò. Àròpọ̀ yìí ni mo ń pè ní ẹrù.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni ọdún 71, irú ìyá tí gbogbo àdúgbò ní. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà sì kọ nifẹdipíìnì fún wọn. Ẹsẹ̀ wọn wú, wọ́n tún kọ Lásíìsì tó ń lé omi jáde. Ẹsẹ̀ ń ta wọ́n lóru, ẹnìkan ní kẹ́míìsì fún wọn ní amitiripitilíìnì. Oorun kò dá, wọ́n fi Pírítọ̀n kún un fúnra wọn. Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nifẹdipíìnì gba máàkì 1. Lásíìsì gba 1. Amitiripitilíìnì gba 3. Pírítọ̀n gba 3. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ẹyọ kan nínú oògùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó dà bí ohun ìbẹ̀rù bí a bá gbé e sílẹ̀ lọ́tọ̀.

Bí òtútù bá wá mú màmá yìí, tí wọ́n ra oògùn ọ̀fìnkìn, ọ̀pọ̀ nínú oògùn ọ̀fìnkìn wa ló ní èròjà Pírítọ̀n nínú. Wọ́n á máa lo oògùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ orúkọ méjì. Ọmọ wọn tó wà ní Amẹ́ríkà sì lè fi oògùn ara ríro ránṣẹ́, èyí tí wọ́n kọ lẹ́tà P àti M sí lára. Lẹ́tà yẹn ń sọ pé ti alẹ́ ni. Èròjà tó ń múni sùn nínú ọ̀pọ̀ wọn ni daifẹnhaidiramíìnì, máàkì 3 lòun náà gbà. Ọmọ rò pé òun ń tọ́jú ìyá òun, kò mọ̀ pé òun tún gbé ẹrù lé wọn lórí.

Ẹ tún wo bí nǹkan ṣe ń fa ara wọn nínú ọ̀rọ̀ màmá yìí. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń lo Lásíìsì, torí náà ìtọ̀ ló ń jí wọn lẹ́ẹ̀mẹta lóru. Wọ́n rò pé àìsùn ni, wọ́n lo Pírítọ̀n. Pírítọ̀n mú kí òòyì máa kọ́ wọn nígbà tí wọ́n bá dìde lọ tọ̀ nínú òkùnkùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣubú tí eegun ìdí wọn bá ṣẹ́, a ó sọ pé ilẹ̀ ló yọ̀.

*Ohun tí ìwádìí sọ, àti ohun tí kò sọ*

Ìwádìí kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2015, ní agbègbè ìlú Siátù ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n kó àgbàlagbà 3,434 jọ, gbogbo wọn ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní àrùn ìgbàgbé nínú wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n wo àkọsílẹ̀ oògùn tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ti gbà fún ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn fún bí ọdún méje. Àwọn 797 ló ní àrùn ìgbàgbé níkẹyìn.

Àwọn tó ti lo irú oògùn tí mò ń sọ yìí jù lọ, ewu tiwọn fi ìdá 54 nínú 100 ga ju ti àwọn tí kò lò ó rárá lọ. Ta ni wọ́n pè ní ẹni tó lò ó jù lọ? Ẹni tó ti lò ju ìwọ̀n ojúmọ́ 1,095 lọ láàrin ọdún mẹ́wàá. Ìwọ̀n ojúmọ́ kan fún èròjà Pírítọ̀n jẹ́ mílígírámù 4. Ẹ lọ wo ara páálí tó wà nílé: mílígírámù 4 gan-an ló wà nínú hóró kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: hóró kan lálaalẹ́, ọjọ́ 365, lọ́nà mẹ́ta, ó di 1,095. Ọdún mẹ́ta péré. Ẹni tó ń lo hóró méjì lálaalẹ́ á dé ibẹ̀ ní ọdún kan àtààbọ̀. Ẹni tó ń lo hóró mẹ́ta lọ́sẹ̀, tó ń sọ pé òun kì í lò ó lójoojúmọ́, á ti kọjá rẹ̀ kí ọdún mẹ́wàá tó pé.

Kí ni ìdá 54 yẹn túmọ̀ sí? Kò túmọ̀ sí pé ènìyàn 54 nínú 100 ni yóò ya aláìsàn. Ẹ jẹ́ ká ní pé nínú àgbà 100 tí kò lo oògùn yìí, 20 ló ní àrùn ìgbàgbé láàrin ọdún kan sí òmíràn. Nínú 100 tó lò ó púpọ̀, a ó máa retí nǹkan bí 29 tàbí 30. Ọ̀pọ̀ àwọn tó lò ó kò ní ní àrùn náà. Ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá tó lé yẹn, ìyá ẹnìkan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ìwádìí náà sọ nǹkan méjì mìíràn. Àkọ́kọ́, ẹni tó lò ó fún ìgbà díẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nítorí ara yíyún, wọn kò rí ewu kankan lára rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó lo Pírítọ̀n fún ọjọ́ mẹ́ta lóṣù tó kọjá, kó fọkàn balẹ̀. Ìkejì kò dùn tó bẹ́ẹ̀: àwọn tó ti lò ó púpọ̀ nígbà kan rí, tí wọ́n sì ti dáwọ́ dúró, ewu tiwọn fẹ́ bá ti àwọn tó ṣì ń lò ó dọ́gba. Ìyẹn ni pé ó dára kí a má jẹ́ kí ó pọ̀ rárá ju pé kí a lò ó tán kí a tó fi sílẹ̀.

Ìwádìí kejì sún mọ́ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ nípa iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnníyì bá àwọn ará Indianapólíìsì ṣe, nígbà tí wọ́n ń ka iye àgbàlagbà tó ní àrùn ìgbàgbé ní Ìdíkàn n'Ìbàdàn, tí wọ́n sì fi wé ti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Lọ́dọọdún, àrùn náà kọlu àwọn ará Ìbàdàn tó dín sí ìdajì iye tó kọlu àwọn ti Indianapólíìsì. Nínú ẹgbẹ́ àwọn ará Indianapólíìsì yẹn ni wọ́n ti ṣe ìwádìí tó jáde ní ọdún 2010, lórí aláwọ̀ dúdú 1,652 tí ọjọ́ orí wọn lé ní 70. Wọ́n ṣọ́ wọn fún ọdún mẹ́fà. Ẹyọ oògùn alágbára kọ̀ọ̀kan tí ẹnìkan ń lò fi ìdá 46 nínú 100 gbé e sún mọ́ kí iyè rẹ̀ jó rẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n àwọn oògùn aláìlágbára, irú èyí tó gba máàkì 1, wọn kò rí ewu yẹn lára wọn.

Ẹ di gbólóhùn ìkẹyìn yẹn mú ṣinṣin. Ó túmọ̀ sí pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kọ́ ni ọ̀tá wa. Ẹni bá torí ọ̀rọ̀ mi da nifẹdipíìnì tàbí Lásíìsì nù, kò gbọ́ mi yé. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú fúnra rẹ̀ ń ba ọpọlọ jẹ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ apá kejì, torí òtítọ́ kì í lẹ́sẹ̀ kan. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Nọ́tíńgámù ní Ìlú Ọba wo àkọsílẹ̀ àwọn 58,769 tó ní àrùn ìgbàgbé àti àwọn 225,574 tí kò ní in. Àwọn náà rí i pé lílo irú oògùn yìí púpọ̀ fi bí ìdá 49 nínú 100 gbé ewu sókè. Nígbà tí wọ́n ya oògùn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ewu náà hàn lára oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, oògùn ìtọ̀ àti oògùn orí. Kò hàn kedere lára oògùn ara yíyún. Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà Pírítọ̀n lè gbé ìyẹn wá, kò sì parọ́. Ohun tí mo fi máa dá a lóhùn ni pé ìwé tí dókítà kọ ni wọ́n kà. Pírítọ̀n tí ènìyàn rà fúnra rẹ̀ ní kẹ́míìsì kò sí nínú ìwé yẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà tí àwa ń gbà rà á nìyẹn.

Ó tún ku ọ̀kan. Gbogbo ìwádìí wọ̀nyí, wíwò ni wọ́n wo àwọn ènìyàn, wọn kò pín oògùn fún apá kan kí wọ́n má fún apá kejì. Àìsùn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́ àrùn ìgbàgbé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àrùn tó ti ń bọ̀ lábẹ́lẹ̀ ló lé àwọn kan dé ìdí oògùn. Àwọn onímọ̀ gbìyànjú láti yọ ìyẹn kúrò, wọ́n yọ oògùn tí àwọn ènìyàn lò ní ọdún tó sún mọ́ ìgbà tí àrùn hàn. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó lè búra pé oògùn yìí ló fa àrùn ìgbàgbé. Ohun tí a lè sọ ni pé wọ́n ń rìn pọ̀, àti pé bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́ bá a mu.

Kí ló dé tí mo wá dúró sórí èrò mi? Torí pé ohun tó wà lórí ìwọ̀n kejì kò wúwo. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, bó tilẹ̀ ní ewu díẹ̀, ó ń gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ẹni tó ń fi Pírítọ̀n sùn, kí ló ń rí gbà? Láàrin ọjọ́ díẹ̀ ni ara ń mọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ lára, tí agbára oorun inú rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí hóró kan fi ń di méjì. Oorun ti fẹ́ tán nínú rẹ̀, ẹnu gbígbẹ àti ewu ìgbàgbé ló kù. Ọjà tí kò lérè tó sì lè já sí gbèsè, mi ò rí ìdí tí ìyá ọlọ́jà fi máa rà á.

*Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe*

Ẹ kó gbogbo oògùn ilé sínú ọ̀rá kan: ti dókítà, ti kẹ́míìsì, ti ọ̀fìnkìn, ti ara ríro, èyí tí ọmọ fi ránṣẹ́. Ẹ gbé e lọ bá dókítà, fámásíìsì tàbí nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré: "Èwo nínú ìwọ̀nyí ló ń dí ìránṣẹ́ ọpọlọ lọ́nà, ṣé mo ṣì nílò rẹ̀?"

Ẹ má ṣe já oògùn kan dúró lójijì fúnra yín. Amitiripitilíìnì, díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń dín in kù. Lágátílì àti Átéènì, ẹ má fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé dókítà orí sọ bẹ́ẹ̀, torí àìsàn lè padà. Fálíọ̀mù àti Lẹ́sótàn yàtọ̀, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà múni sùn, ṣùgbọ́n ẹni tó ti lò wọ́n pẹ́ tó sì já wọn dúró lọ́jọ́ kan lè ní gìrì. Pírítọ̀n ló rọrùn jù láti fi sílẹ̀: ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì yín, kí ẹ dín in sí ìdajì hóró fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà kó di ọjọ́ kan lò, ọjọ́ kan má lò, kí ẹ tó fi í sílẹ̀. Oorun lè má dá fún òru mélòó kan, ara á sì lè yún díẹ̀. Ó máa ń kọjá.

Bí ó bá jẹ́ ara yíyún tàbí imú gan-an ló ń dà yín láàmú, ẹ béèrè lọ́wọ́ fámásíìsì nípa lọratadíìnì. Kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ọpọlọ.

Ní ti oorun, ẹ wá ohun tó ń jí yín. Ní ti màmá tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, dókítà lè ní kí wọ́n máa lo Lásíìsì láàárọ̀, ìtọ̀ òru á dín kù. Ẹsẹ̀ tó ń ta wọ́n lè jẹ́ àmì ìtọ̀ ṣúgà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa sọ. Bí wọ́n bá ń sùn wákàtí méjì lọ́sàn-án, tí wọ́n tún wọlé sùn ní aago mẹ́jọ alẹ́, kò yani lẹ́nu pé ojú wọn là ní aago méjì òru. Oorun wọn ti pé nìyẹn. Bí dókítà bá rọra mú amitiripitilíìnì kúrò, tí Pírítọ̀n náà sì lọ, ẹrù 8 á di 2, láìfọwọ́ kan oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn.

Ọ̀rọ̀ mi kẹ́yìn wà fún àwọn ọmọ àti àwọn ìyàwó ilé. Àrùn ìgbàgbé ń yọ́ wọlé ni, oṣù àti ọdún ló ń gbà. Bí màmá tó gbọ́n ṣáṣá lọ́sẹ̀ tó kọjá bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìsọkúsọ lónìí, tí wọ́n ń bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, tí wọn kò dá ọmọ wọn mọ̀, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ ṣúgà tó lọ sílẹ̀, ó lè jẹ́ àìsàn inú ìtọ̀, ó sì lè jẹ́ oògùn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́ yìí. Bó bá jẹ́ oògùn ni, ọ̀pọ̀ ìgbà ni orí wọn máa ń padà sípò bí a bá mú un kúrò. Mélòó ni ìyá tí wọ́n ti sọ pé ó ń ṣarán, tí wọ́n ti sọ pé ó ń jẹ́wọ́ àjẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò tú ọ̀rá oògùn rẹ̀ wò? Ẹ kọ́kọ́ mú ọ̀rá yẹn dání kí ẹ tó fún màmá lórúkọ.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín, kí ẹ sì kà á sókè fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ire o.